Ewé Orí Ẹ̀gẹ́ Saratou

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ káàkiri Gouka pé Ọ̀gá Hyacinthe ló ba oko wa jẹ́, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ dákẹ́, kí n sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yẹn kò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí mo fi hàn án ló rí, ohun tó rí náà ló sọ. Èmi Moufida, ìyá Yasser, tí ẹgbẹ́ obìnrin àgbẹ̀ gbé fóònù lé lọ́wọ́, èmi ni mo ya fọ́tò yẹn. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bú, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà.

Obìnrin méjìlá la wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀gẹ́ la ń gbìn, gàrí la ń yan. Ṣùgbọ́n ká má purọ́ fúnra wa, oko ẹ̀gbọ́n mi Saratou, ìyá Affissou, ló gbé gbogbo wa ró, torí ibẹ̀ ni igi ẹ̀gẹ́ tí a ń gbìn ti ń wá. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ta igi ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá tà á, ẹnu ará ìlú kò ní kúrò lára rẹ̀ títí ayé. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí ilẹ̀ rọ̀, wàá lọ bá ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ dára, wàá kí i dáadáa, wàá ní, "Mo wá tọrọ igi." Yóò gé e fún ọ, yóò sì súre fún ọ. Kò gbọdọ̀ kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn èèyàn ń gun alùpùpù láti Djaloukou, láti Tchetti, wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ á máa dùn bí wọ́n bá ti yọ lókèèrè, á ti máa wá àdá rẹ̀ kí wọ́n tó kí i tán. Opó ni, kò sì ní ohun mìíràn láyé yìí tí wọ́n ń torí rẹ̀ wá a.

Kí ẹ tún mọ èyí: òun ló tọ́ mi. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì ń rá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti mọ bí oòrùn ṣe ń yọ. Títí di òní, bí ó bá wò mí báyìí, mo máa ń wò bóyá aṣọ mi ti dọ̀tí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe àwa tó ń di fóònù ẹgbẹ́ mú lọ sí Savalou fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì. Ọ̀gá Hyacinthe, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́ àwa àgbẹ̀ sọ́nà, ló kọ́ wa. Ọmọ Mahi ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa dáadáa, ó sì ní sùúrù ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní òun nìkan lòun ń mójú tó oko gbogbo abúlé tó wà lórí ìwé òun, ẹsẹ̀ òun kò lè dé ibi gbogbo, àwa la máa jẹ́ ojú fún òun. Fọ́tò mẹ́ta fún igi kan: ewé òkè, ewé àárín, ewé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí á fà sẹ́yìn, kí á ya oko látòkèèrè, kí òun rí bí àwọn igi ṣe dúró sí ara wọn.

Ó kó ewé sórí tábìlì. Ó ní kí á mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á ṣẹ́ ẹ po láàárín, ní ìka gígùn tó wà láàárín ewé, kí á wò bóyá apá ọ̀tún bá apá òsì mu. "Bí ebi bá ń pa ẹ̀gẹ́," ó ní, "tí ilẹ̀ kò ní oúnjẹ mọ́, ewé á pọ́n rúsúrúsú, ṣùgbọ́n á pọ́n dọ́gba. Ohun tí ẹ bá rí lọ́tùn-ún lẹ máa rí lósì. Ebi tó wọ́pọ̀ jù níhìn-ín, ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí igi ń gba oúnjẹ lẹ́nu ewé àgbà kó lè fi bọ́ ewé ọmọ. Ebi mìíràn wà tó jẹ́ ewé ọmọ ló kọ́kọ́ ń mú, ìyẹn náà á dọ́gba. Ẹ máa rí i pé gbogbo igi tó wà lórí ilẹ̀ kan náà ló ń ṣe bákan náà."

Ó wá gbé ewé kan sókè tó jẹ́ pé, kí n sọ òótọ́, ó rí mi lára. Ibi kan nínú ẹ̀ dúdú, ibi kan pọ́n, kò ní ètò kankan. Ìka kan gùn, èkejì rẹ̀ kúrú, gbogbo ewé náà lọ́, ó sún jọ. "Èyí kì í ṣe ebi. Àrùn ni, mòsáyìkì ni wọ́n ń pè é. Ẹ ṣẹ́ ẹ po, apá méjèèjì kò ní bára mu láé. Ewé tuntun ló ti máa ń hàn. Igi kan á ní in, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè má ní. Kòkòrò funfun tíntín tó ń gbé abẹ́ ewé ló ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e jù ni ọwọ́ àwa èèyàn, torí ó wà nínú igi tí à ń gé fún ara wa. Kò ní oògùn. Ẹ gbọ́ mi? Ajílẹ̀ kò wò ó, omi kò wò ó, àdúrà kò wò ó." Obìnrin kan láti Tchetti ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀ àdúrà báyẹn, Ọ̀gá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí mi pé ewé ń pọ́n nínú oko òun. Mo gbé fóònù, mo lọ. Òótọ́ ni. Ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú káàkiri oko, òmíràn ti já sílẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ti dàgbà, ọdún keje rẹ̀ láìsinmi nìyẹn, ebi ń pa á, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sí ìhà ojú ọ̀nà, mo rí igi kan tí orí rẹ̀ ká. Mo rí òmíràn. Ewé àárín wọn mọ́, ewé ìsàlẹ̀ wọn kò lọ́, àfi orí nìkan ló rí ràkọ̀ràkọ̀. Mo ka tó ogún igi níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ewé orí yìí lọ́."

"Oòrùn ni," ó ní. "Òjò ti fi wá sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ."

Mo yọ fóònù. Ó ní, "Dúró ńbẹ̀!" Mo dúró. Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ bọ́ṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà. "Ṣé báyìí lo fẹ́ gbé oko mi lọ sí Savalou? Moufida! Ta lò ń rí tó ń ya fọ́tò láìbọ́jú? Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya ìwọ fún ìwé ilé ìwé, ṣé n kò fi òróró pa ọ́ lójú?"

Ó wọ àárín oko. Ó bẹ̀rẹ̀ sí já ewé orí tó lọ́ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú èékánná. Ó ń sọ̀rọ̀ sí wọn bó ṣe ń já wọn, ó ń ní, "Kúrò, kúrò, àlejò ń bọ̀." Ó dà wọ́n sójú ọ̀nà fún ewúrẹ́. Nígbà tó parí, oko náà mọ́ lóòótọ́. Ó gbọn ọwọ́, ó ní, "Ó yá, yà á."

Mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé n kò mọ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì wà lórí mi, ewé àrùn ti wà lọ́wọ́ mi rí. Mo mọ̀ pé ohun tó já dànù yẹn gan-an ni Ọ̀gá fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni. Ojú rẹ̀ ń tì í, ojú ń ti èmi náà fún un, torí bí wọ́n bá gbọ́ pé àrùn wà nínú oko Saratou, ta ni yóò tún wá kí i? Mo ya ewé àárín, mo ya ewé ìsàlẹ̀, mo fà sẹ́yìn mo ya oko. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù.

Ọ̀gá Hyacinthe fèsì lọ́jọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́, mo ṣì ní in nínú fóònù: "Màdáàmù Moufida, ẹ káàárọ̀. Fọ́tò mọ́ dáadáa. Ewé ìsàlẹ̀ yìí pọ́n dọ́gba, ó jọ ebi. Ṣùgbọ́n ewé òkè dà? N kò rí ewé òkè."

Ó béèrè, àbí kò béèrè? Ẹ̀yin tí ẹ ń bú u, ṣé ẹ gbọ́? Ó béèrè!

Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní, "Ọ̀gá, ewé òkè dára. Kò sí nǹkan kan lórí." Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tu itọ́ funfun. Ó ní bí orí bá mọ́, ebi ni, kí á fi ajílẹ̀ sí i, kí á má jẹ́ kó fara kan igi. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa lónìí, gbólóhùn mi yẹn ni.

A fi ajílẹ̀ sí i, ilẹ̀ jẹun, ewé ìsàlẹ̀ sì dúdú padà. Ẹ̀gbọ́n mi jó nínú oko, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Oníwèé! O fẹ́ fi oòrùn pe àrùn mọ́ mi lọ́wọ́." Mo rí i pé orí àwọn kan ṣì ká. Mo ní kò burú, ebi ló ń kúrò díẹ̀díẹ̀. Irọ́ tí èèyàn bá pa fún ara rẹ̀, òun ni kì í ní ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rùn dé, ooru mú, ewé já kúrò lára gbogbo ẹ̀gẹ́ bó ṣe máa ń já. Ó wá ku igi lásán, igi tí kò léwé kò sì lè fi àrùn hàn mí, bí mo tilẹ̀ fẹ́ wò ó.

Oṣù karùn-ún, òjò dé. Ẹ̀gbọ́n mi gé igi fún gbogbo obìnrin méjèèjìlá, fún èmi náà. Ó gé fún èèyàn Tchetti, ó gé fún Flore, obìnrin ìjọ aláṣọ funfun kan láti Djaloukou tó máa ń wá lọ́dọọdún. Ó fi ìlà díẹ̀ sílẹ̀ láìgé, torí ó mọ̀ pé àwọn kan á tún wá bí òjò bá fẹ́ parí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń bá a di ìdì. Mo rántí ojú ọ̀nà yẹn, mo la ẹnu, ẹnu mi sì tún pa dé. Ní oko rẹ̀, ìdì kan kò ní àmì pé ibi báyìí ni a ti gé e. Igi ojú ọ̀nà ti dàpọ̀ mọ́ igi inú oko, ohun tí kòkòrò ti gbé wọnú oko láti ìgbà yẹn sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Oko tèmi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gẹ́ mi hù, inú mi dùn, n kò tíì jókòó tán kí inú mi tó bàjẹ́. Ewé kìn-ín-ní tó yọ lára igi, ewé kìn-ín-ní gan-an nísàlẹ̀ pátápátá, ó lọ́. Èkejì lọ́, ẹ̀kẹta ràkọ̀ràkọ̀. Mo já ọ̀kan, mo ṣẹ́ ẹ po ní ìka àárín. Ọ̀tún kò bá òsì mu. Mo jókòó sórí ebè. Mo sunkún bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, n kò sì tijú.

Mo dìde, mo lọ sí oko Bilkissou, ìyálẹ́gbẹ́ wa. Bákan náà. Mo lọ sí ti Basirath. Bákan náà. Lọ́tẹ̀ yìí mo ya fọ́tò bó ṣe yẹ: òkè, àárín, ìsàlẹ̀, gbogbo oko. Mo fi ránṣẹ́. Ọ̀gá Hyacinthe kò fi ohùn fèsì, ó pè mí. Kò tiẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ọ̀la ni mò ń bọ̀."

Ó dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Gbogbo ẹgbẹ́ ti pé sí oko Bilkissou, ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú nínú aṣọ tó dára. Ọ̀gá yí ewé padà, ó fi kòkòrò funfun tíntín hàn wá, wọ́n fò díẹ̀, wọ́n tún bà padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rìn wọ́gọwọ̀gọ nínú oko, ó ń dúró lẹ́bàá igi kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń kà. Nínú ọgbọ̀n igi tó wò, mẹ́tàlélógún ló ń ṣàìsàn.

"Ṣé ẹ rí i?" ó ní. "Bó bá jẹ́ kòkòrò ló gbé e wá sínú oko yìí, ewé ìsàlẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ ì bá mọ́, orí nìkan ni ì bá lọ́. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Inú igi tí ẹ gbìn ló ti bá a wá. Níbo lẹ ti rí igi?"

Ojú gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo fún un lájílẹ̀ tí ẹ ní kí n fún un. Ó mọ́. Ẹ̀yin lẹ ní ebi ni."

Ọ̀gá yọ fóònù tirẹ̀. Ó wá fọ́tò ọdún tó kọjá jáde, ó gbé e sójú Bilkissou. "Ebi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wo ewé ìsàlẹ̀, ó dọ́gba. Ebi àti àrùn lè wà lára igi kan náà, ọ̀kan kò ní kí èkejì má wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí igi wọ̀nyí. Kò sí orí. Mo béèrè orí." Kò wò mí. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé kò wò mí.

Mo ní, "Èmi ni. Ẹ béèrè, mo ní kò sí nǹkan kan lórí. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo purọ́."

N kò sọ ẹni tó já ewé. N kò ní sọ ọ́ bí wọ́n bá ń pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè, ó ní, "Èmi ni mo já wọn. Mo fẹ́ kí oko mi dára lójú àlejò." Ohùn rẹ̀ kéré, n kò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ lè kéré tó bẹ́ẹ̀.

"Háà, Ìyá Affissou!" Basirath ló pariwo, ó káwọ́ lérí. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan ìdí aṣọ rẹ̀, ó tún un ró, ó sì tún un ró.

Bilkissou kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó bi Ọ̀gá pé kí ni ká ṣe. Ọ̀gá ní kí á fa gbogbo igi tó ń ṣàìsàn tu, kí á sun ún, nínú gbogbo oko, kí á fa ti Saratou tó kù náà tu. Kí á ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó gba igi níbẹ̀. Kí á gbin igi tó mọ́, irú èyí tí àrùn yìí kì í tètè mú.

"Ẹ ní in?" Bilkissou béèrè.

Ọ̀gá ní, "Èyí tí wọ́n ń sọ di púpọ̀ ní Savalou, wọ́n ti pín in tán. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò tó kàn yín. Mo lè bẹ̀ wọ́n, mo lè rí ogójì igi."

Ogójì igi! Obìnrin méjìlá! Bilkissou rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn, ṣé kò ní ta gbòǹgbò rárá ni?"

"Yóò ta. Díẹ̀. Yóò rí tín-ín-rín."

"Tín-ín-rín là ń jẹ nìyẹn. Ká fà á tu, ká sun ún, kí àwọn ọmọ wa máa jẹ eérú? Ẹ ṣé, Ọ̀gá. Ẹ kú ìrìn." Ó yí padà, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè bí ẹni pé kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Àwọn tó kù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bú mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ti pọ̀ ju èébú lọ.

Mo sin Ọ̀gá dé ìdí alùpùpù rẹ̀. Mo ní èmi yóò fa tèmi tu. Ó ní kí n ṣe é, ṣùgbọ́n kí n má fojú sọ́nà púpọ̀. Bí oko tó yí mi ká bá wà bẹ́ẹ̀, kòkòrò á tún gbé e padà wá. Ó ní, "Màdáàmù, oko kan kò lè dá mọ́." Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Mo fà á tu síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo sun ún, èéfín rẹ̀ korò. Ọkọ mi ní orí mi ti yí. Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀pa kò bóró mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò lè jókòó lásán.

Ogójì igi tí Ọ̀gá ṣèlérí dé lóòótọ́ ní ìparí oṣù keje. A gbìn ín sí ilẹ̀ kan lẹ́yìn ilé Bilkissou. Ó hù dáadáa, ó dúdú minimini. Kò pé oṣù kan tí mo fi rí ewé orí kan nínú wọn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí ká. Mo fà á tu láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo fa méjì tu. N kò tíì padà lọ wò ó láti ìgbà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jáde mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀, ó ń béèrè Yasser lọ́wọ́ mi, kò béèrè oko. Ṣé kí n ní ẹ má bínú? Ta ló yẹ kó bẹ ta?

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni Flore dé láti Djaloukou. Ó gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí mo wà níbẹ̀, ó ti di okùn mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ẹ̀gẹ́ tí òun gbìn lóṣù karùn-ún kò ṣe dáadáa, ó kúrú, ewé rẹ̀ ká. Ó ní ilẹ̀ òun ni kò dára, òun ti wá ilẹ̀ mìíràn nítòsí odò, òun wá tọrọ igi kí òun tún un gbìn kí òjò tó lọ.

Mo fà á jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ewé orí, fọ́tò, irọ́ mi. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀, pé àrùn ni, pé inú igi wa ló wà, pé bó bá gbé òmíràn lọ síbi odò, yóò bá a débẹ̀. Ó fetí sílẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀.

"Mo ti gbọ́, ìyá Yasser. Ta wá ló ní igi tó mọ́?"

Mo ro Gouka já. Mo ro Tchetti. Ẹni tí mo bá fẹ́ dárúkọ, mo ń rántí ọjọ́ tó wá gba igi lọ́dọ̀ wa. N kò rí orúkọ kan pè.

"Òjò ń lọ," Flore ní. "Ọmọ márùn-ún ló wà nílé. Kí ni kí n gbìn? Ẹ sọ ọ́ fún mi, èmi á gbin òun."

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. N kò gbọ́ ìgbà tó mú àdá. Mo sáré tẹ̀lé e dé oko, mo dì í lọ́wọ́ mú, èmi tí n kò fọwọ́ kàn án báyẹn rí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe é. Ẹ kọ̀ fún un."

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Bí mo bá kọ̀ fún un, yóò lọ tọrọ lọ́wọ́ Bilkissou. Kí ni Bilkissou máa fún un? Igi mi náà ni, Moufida. Jẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ mi." Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Ó wọ ìlà tó kù. Ó ń tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń wá èyí tó tààrà, tó sanra, tí orí rẹ̀ kò ká púpọ̀. Kò sí. Ó gé e bẹ́ẹ̀. Flore dà á jọ, ó ní, "Ìyá Yasser, ẹ bá mi di apá ibí yìí mú." Mo dì í mú. Ó fi okùn yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á, mo sì fi ìka tẹ ojú ìdì náà kó má bàa tú.

A gbé e sẹ́yìn alùpùpù. Flore tún kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Yóò ta dáadáa. Ọwọ́ rẹ kò ní gbìn kó má hù."

Flore ní, "Àmín." Ó gbójú sókè, ó ń wò mí, ó ń retí tèmi. Mo ní, "Àmín."